Bí Adójútòfò Bá Sanwó Òfò Tán, Ẹni tí Ó Jẹ̀bi Kò Tíì Bọ́

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàmù bú ní òpópónà Déjọ Oyèlẹ́sẹ̀ ní Bódìjà Àtijọ́, ní ìlú Ìbàdàn. Ìró rẹ̀ dé àwọn àdúgbò tí ó jìnnà. Ògiri wó, òrùlé ṣí, gíláàsì fèrèsé sì fọ́ ní ilé àwọn ènìyàn tí wọn kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀ràn náà. Ènìyàn 5 ni ó kú, àwọn tí ó farapa sì ju 70 lọ. Gómìnà Ṣèyí Mákíndé sọ fún àwọn ará ìlú ní alẹ́ náà pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò ní àṣẹ ni ó kó ohun abúgbàmù pamọ́ sí ilé kan ní àdúgbò náà.

Kí a gbà pé onílé kan wà ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, tí ó ti ṣe ìdójútòfò fún ilé rẹ̀, tí ìwé àdéhùn rẹ̀ sì kan irú òfò yìí. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò san owó àtúnṣe fún un. Ìbéèrè tí ó kù ni èyí: nígbà tí onílé ti rí owó rẹ̀ gbà, ṣé ẹni tí ó kó ohun abúgbàmù sílé ti bọ́ nìyẹn? Ṣé ìfura onílé, tí ó ń sanwó ìdójútòfò lọ́dọọdún, ni yóò wá di ààbò fún ẹni tí ó bà á nílé jẹ́?

Òfin dáhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí adójútòfò bá ti san owó òfò, òun ni yóò dúró sí ipò onílé, yóò sì lè bèèrè owó náà lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ̀bi. Àwọn amòfin ń pe ètò yìí ní sọburogéṣọ̀n. Ní èdè wa, a lè pè é ní ẹ̀tọ́ arọ́pò, nítorí pé adójútòfò rọ́pò ẹni tí òfò ṣẹlẹ̀ sí. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní ilé, ọjà tàbí ọkọ̀ tí a ṣe ìdójútòfò fún mọ ẹ̀tọ́ yìí dájú, nítorí pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ owó rẹ̀ nù.

Ẹjọ́ ilé tí a tà ní Lifapúùlù

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà gba ìlànà yìí láti inú òfin Ìlú Ọba. Ẹjọ́ kan tí àwọn amòfin kì í gbàgbé ni ti Kásítélénì àti Pírẹ́sítìn, tí a dá ní ọdún 1883. Pírẹ́sítìn ní ilé kan ní ìlú Lifapúùlù, ó sì ti ṣe ìdójútòfò iná fún un. Ní oṣù keje ọdún 1878, ó bá ẹnìkan ṣe àdéhùn láti ta ilé náà ní pọ́n-ùn 3,100. Kí olùrà tó san owó náà tán, iná jó apá kan ilé ọ̀hún ní oṣù kẹjọ. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò san pọ́n-ùn 330 fún Pírẹ́sítìn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí, olùrà náà san gbogbo owó ilé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti dá a, láìyọ kọ́bọ̀ kan kúrò nítorí iná. Pírẹ́sítìn wá ní owó ilé rẹ̀ lódindi, ó sì tún ní pọ́n-ùn 330 lọ́wọ́.

Adójútòfò pe ẹjọ́ pé kí ó dá owó náà padà. Adájọ́ àkọ́kọ́ dá Pírẹ́sítìn láre, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé ìdójútòfò iná kì í ṣe ọjà tí ènìyàn ń jẹ èrè rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ènìyàn padà sí ipò tí ó wà kí òfò tó dé. Kò gbọdọ̀ gba kéré sí òfò rẹ̀ bí ìwé àdéhùn bá kárí rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gba jù ú lọ. Bí owó bá ti ọ̀nà méjì wọlé nítorí òfò kan ṣoṣo, ti adójútòfò ni èyí tí ó jẹ́ àlékún.

Nínú ẹjọ́ yìí ni a ti rí i pé ẹ̀tọ́ arọ́pò ní ẹsẹ̀ méjì. Èkíní ni pé adójútòfò tí ó ti sanwó lè lépa ẹni tí ó fa òfò. Èkejì ni pé bí ẹni tí a san fún bá tún gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn lórí òfò kan náà, adójútòfò lè bèèrè àlékún náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí a kò ti lè díwọ̀n òfò ni ètò yìí kò dé. Nítorí náà, kò sí nínú ìdójútòfò ẹ̀mí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè sọ pé iye ẹ̀mí ènìyàn ni èyí. Bí awakọ̀ kan bá pa bàbá tí ó ti ṣe ìdójútòfò ẹ̀mí, àwọn ọmọ lè gba owó ìdójútòfò náà, kí wọ́n sì tún pe awakọ̀ lẹ́jọ́ fún ara wọn.

Bí ọ̀ràn náà ti ń lọ lójú ọ̀nà

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni dáadáa, kí a fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ọkùnrin kan tí ń gbé ní Àgbówó ń ti Ring Róòdù bọ̀ ní Ṣálẹ́ńjì. Ó dúró nítorí pé àwọn ọkọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀ dúró. Jíìpù kan tí ń sáré bọ̀ lẹ́yìn kò lè dúró mọ́, ó sì kọlù ú. Ìdójútòfò ọkùnrin yìí jẹ́ irú èyí tí ó kárí ọkọ̀ tirẹ̀ pàápàá, èyí tí a ń pè ní kọ́mpirihẹ́ńsífù. Adójútòfò rán ẹni tí ń yẹ òfò wò lọ sí ọ̀dọ̀ mọkáníìkì, a sì fi ẹnu kò pé àtúnṣe yóò gba náírà 4,000,000. Àdéhùn wọn sọ pé nínú òfò kọ̀ọ̀kan, náírà 200,000 àkọ́kọ́ ni onímọ́tò yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé. Nítorí náà, náírà 3,800,000 ni adójútòfò san.

Láti ọjọ́ tí ó ti san owó yìí ni adójútòfò ti lè lo ẹ̀tọ́ arọ́pò. Ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń ṣe ni kí ó kọ ìwé sí oníjíìpù pé òun ni ó jẹ̀bi, kí ó sì sọ iye owó tí òun ń bèèrè. Yóò tún kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ìdójútòfò fún jíìpù náà, bí ó bá mọ̀ ọ́n. Bí ìwé kò bá yanjú rẹ̀, agbẹjọ́rò adójútòfò yóò pe ẹjọ́. Ohun tí ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé orúkọ onímọ́tò ni a ó fi pe ẹjọ́ náà, kì í ṣe orúkọ adójútòfò. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀tọ́ onímọ́tò gan-an ni adójútòfò ń lò. Òun ni yóò gbé owó agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n ó lè ké sí onímọ́tò láti wá jẹ́rìí, onímọ́tò kò sì gbọdọ̀ kọ̀.

Níbo ni owó náà yóò ti wá? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, Àjọ tí ń bójú tó ètò ìdójútòfò ní Nàìjíríà gbé owó ìdójútòfò tí òfin fi dandan lé, èyí tí a ń pè ní tádì-pátì, sí náírà 15,000 lọ́dún fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni. Àjọ náà sì fi náírà mílíọ̀nù 3 ṣe òté iye tí irú ìdójútòfò bẹ́ẹ̀ yóò san fún dúkìá ẹlòmíràn tí a bà jẹ́. Bí oníjíìpù bá ní irú ìwé yìí pẹ̀lú òté náà, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ kò ní san ju mílíọ̀nù 3 lọ. Mílíọ̀nù 1 tí ó kù wà lọ́rùn oníjíìpù fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ rò pé nígbà tí àwọn ti ní ìwé tádì-pátì, gbèsè kò lè dé ọ̀dọ̀ àwọn mọ́. Wọ́n ṣi ọ̀nà.

Bí mílíọ̀nù 4 bá wọlé pátá, adójútòfò yóò mú 3,800,000 tirẹ̀, onímọ́tò yóò sì gba 200,000 tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ mílíọ̀nù 3 nìkan ni a rí gbà ńkọ́? Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Ìlú Ọba dáhùn irú ìbéèrè yìí nínú ìdájọ́ tí a tẹ̀ sínú ìwé òfin ọdún 1993. Ó ní kí adójútòfò kọ́kọ́ gba tirẹ̀ tán, nítorí pé onítọ̀hún ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun ni yóò ru apá àkọ́kọ́ nínú òfò. Bí a bá tẹ̀lé ìlànà yìí, onímọ́tò kò ní rí nǹkan kan gbà nínú mílíọ̀nù 3 náà. Ìdájọ́ Ìlú Ọba kò de ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà mọ́, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ a máa wò ó. Ó yẹ kí ènìyàn mọ èyí kí ó tó gbà láti ru iye tí ó pọ̀ nítorí àtidín owó ìdójútòfò kù.

Ohun mìíràn tún wà. Òfin kì í fẹ́ kí a pe ènìyàn kan náà lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí ìjàǹbá kan ṣoṣo. Nítorí náà, bí adójútòfò bá ń múra ẹjọ́, kí onímọ́tò tètè kọ̀wé sí i, kí ó sì sọ gbogbo òfò tirẹ̀ tí ìdójútòfò kò kárí, bí owó 200,000 yẹn, àti owó táksí tí ó san nígbà tí ọkọ̀ wà ní ọ̀dọ̀ mọkáníìkì, kí a lè kó wọn pọ̀ sínú ẹjọ́ kan náà.

Ewu tí ó wà nínú ìdáríjì

Àwọn àgbà sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí á ṣọ̀rẹ́. Nítorí èyí, bí ọkọ̀ méjì bá kọlura ní Ìbàdàn, kí ó tó pẹ́, àwọn alábẹ̀bẹ̀ yóò ti pé. Ẹni tí ó jẹ̀bi yóò dọ̀bálẹ̀, àgbàlagbà kan yóò ní kí a fi ọ̀ràn náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run, wọn yóò sì wọ teṣàn láti kọ ìwé pé ìjà ti parí. Ìwà rere ni ìdáríjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ṣe ìdójútòfò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀tọ́ láti dárí owó ji ènìyàn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ipò onímọ́tò ni adójútòfò ń dúró sí. Kò lè ní ẹ̀tọ́ kan tí onímọ́tò fúnra rẹ̀ kò ní. Bí onímọ́tò bá ti fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní ìbéèrè kankan mọ́ lọ́wọ́ oníjíìpù, kò sí ohun tí adójútòfò yóò gbé lọ sí ilé-ẹjọ́. Oníjíìpù yóò kàn mú ìwé náà jáde, ẹjọ́ sì parí.

Bí ó bá jẹ́ pé kí adójútòfò tó sanwó ni onímọ́tò fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, adójútòfò lè sọ pé ó ti ba ẹ̀tọ́ òun jẹ́, kí ó sì kọ̀ láti san. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn tí a ti sanwó fún un ni, adójútòfò lè pè é lẹ́jọ́ kí ó san iye tí òun ìbá ti rí gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ̀bi. Ẹni tí ó gba náírà 100,000 ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ oníjíìpù, tí ó sì fọwọ́ sí ìwé, lè tipa bẹ́ẹ̀ jẹ gbèsè ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù.

Ọ̀nà kan wà tí òfin fi ń gba adójútòfò sílẹ̀. Bí oníjíìpù bá ti mọ̀ pé adójútòfò ti sanwó, tí ó sì tún yọ́ kẹ́lẹ́ lọ bá onímọ́tò láti gba ìwé ìdásílẹ̀, ìwé náà kò ní dí adójútòfò lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò fi máa ń tètè kọ̀wé sí ẹni tí ó jẹ̀bi ní kété tí wọ́n bá ti sanwó.

Kí wá ni kí ènìyàn ṣe bí àwọn àgbà bá ń bẹ̀ ẹ́? Kí ó gba ẹ̀bẹ̀, kí ó má ṣe jà, kí ó má ṣe bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ó sọ fún wọn ní gbangba pé òun ti dárí ìwà náà jì í, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó wà lọ́wọ́ adójútòfò òun. Kí ó má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan, kí ó má sì ṣe gba owó kankan, àfi bí adójútòfò bá ti fún un ní àṣẹ pẹ̀lú ìwé. Bí ọlọ́pàá bá ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni kí ó kọ, kí ó má ṣe kọ pé ọ̀ràn ti parí.

Ibi tí ẹ̀tọ́ náà mọ

Nígbà mìíràn, ẹ̀tọ́ arọ́pò a máa mú ẹni tí a kò rò. Ní ọdún 1949, ní Rómífọ́ọ̀dù nítòsí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, awakọ̀ kan tí ń jẹ́ Lísítà ń fi ọkọ̀ akẹ́rù rìn sẹ́yìn nínú àgbàlá kan, ó sì gbá bàbá tirẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan náà. Bàbá pe ilé-iṣẹ́ lẹ́jọ́, ó sì gba pọ́n-ùn 1,600. Adójútòfò ilé-iṣẹ́ ni ó san án. Adójútòfò yìí wá lo orúkọ ilé-iṣẹ́ láti pe ọmọ náà lẹ́jọ́, nítorí pé àìfarabalẹ̀ rẹ̀ ni ó fa òfò. Nínú ìdájọ́ tí a tẹ̀ sínú ìwé òfin ọdún 1957, adájọ́ 3 nínú 5 dá adójútòfò láre.

Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn sí i pé a lépa òṣìṣẹ́ tí kò ní ìlòdì kankan lọ́kàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò Ìlú Ọba fi ẹnu kò láàárín ara wọn pé àwọn kò ní máa lépa òṣìṣẹ́ mọ́ lọ́nà báyìí, àfi bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí bí ó bá di rìkíṣí. Ìlérí láàárín ara wọn ni èyí, kì í ṣe òfin. Nítorí náà, ọ̀gá tí ó bá fẹ́ kí a dá àwọn awakọ̀ rẹ̀ sí, kí ó bèèrè kí adójútòfò kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé kò ní lépa wọn.

Ààlà kejì ni ti ẹ̀bi onítọ̀hún. Bí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé ọkùnrin Àgbówó yẹn náà ní ìdá kan nínú ẹ̀bi, bóyá iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ní òru, iye tí adójútòfò yóò gbà yóò dínkù bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ààlà kẹta ni ti àkókò. Òfin fi iye ọdún sí ìgbà tí a lè pe ẹjọ́, ọjọ́ ìjàǹbá ni a sì ń kà á sí, kì í ṣe ọjọ́ tí adójútòfò sanwó. Onímọ́tò tí ó bá fi ìwé rẹ̀ pamọ́ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó bèèrè owó òfò ń jẹ àkókò adójútòfò run.

Ó ku ọ̀rọ̀ Bódìjà. Òfin kò le lórí ẹni tí ohun tí ó léwu ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá ba ilé aládùúgbò jẹ́? Ó le gidigidi. Láti ọdún 1868 ni àwọn adájọ́ Ìlú Ọba ti fi ìlànà lélẹ̀ pé ẹni tí ó bá kó ohun tí ó lè ṣe jàǹbá wá sórí ilẹ̀ rẹ̀, tí ohun náà sì jáde lọ ba ti ẹlòmíràn jẹ́, òun ni yóò dáhùn fún un, ìbáà ṣe pé ó ṣọ́ra. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà náà ti lo ìlànà yìí. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ wà fún onílé, adójútòfò tí ó bá sanwó sì lè lò ó.

Ṣùgbọ́n ohun méjì lè sọ ẹ̀tọ́ náà di asán. Èkíní ni pé ìwé ìdójútòfò iná lásán kì í sábà kárí gbogbo ìbúgbàmù. Ìbúgbàmù gáàsì ìdáná ilé a máa wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n irú ti Bódìjà, àfi bí a bá san owó díẹ̀ sí i kí a lè fi kún un. Bí kò bá sí nínú ìwé, adójútòfò kò ní san, kò sì sí ohun tí yóò rọ́pò. Èkejì ni pé ẹni tí ó jẹ̀bi lè sá lọ, tàbí kí ó máà ní nǹkan kan tí ilé-ẹjọ́ lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdájọ́ kì í ti inú àpò òfìfo mú owó jáde. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, òfò náà dúró sí ọrùn adójútòfò, onílé tí ó ti gba owó rẹ̀ kò sì ní dá a padà.

Nítorí náà, ní ọjọ́ tí òfò bá ṣẹlẹ̀, kí onítọ̀hún kọ nọ́ḿbà ọkọ̀ tí ó kọlù ú sílẹ̀, àti orúkọ awakọ̀, àti orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó wà lórí ìwé ìdójútòfò ọkọ̀ náà. Kí ó ya àwòrán ibẹ̀ kí a tó gbé ohunkóhun kúrò, kí ó gba àwọn ẹlẹ́rìí ní orúkọ, kí ó sì sọ fún ọlọ́pàá àti adójútòfò rẹ̀ láìjáfara. Ìwọ̀nyí ni adójútòfò yóò gbé lọ sí ilé-ẹjọ́. Bí wọn kò bá sí, ẹni tí ó jẹ̀bi yóò lọ láìsan kọ́bọ̀, owó 200,000 tí onímọ́tò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé yóò sì bá a lọ.